Lẹ́tà Ọdún Kìíní sí Àwọn Tó Ń Sanwó Ẹ̀kọ́ Ẹni

Nígbà tí ọdún kìíní bá parí ní yunifásítì, àwọn tó ń san owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ máa ń retí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Lẹ́tà náà kì í sábà ju ojú ewé méjì lọ. Síbẹ̀, òun ló máa ń wà lórí tábìlì nígbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó láti pinnu bóyá kí owó ọdún kejì jáde tàbí kí ó dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Mo ti rí ọmọ tó yege dáadáa tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é níkà, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí a lè dì mú. Mo sì ti rí ọmọ tí èsì rẹ̀ kò dé ojú ìwọ̀n tí a là sílẹ̀, síbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò dúró, nítorí ó ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lẹ́tà irú ọmọ kejì yìí ni mo fẹ́ kí á jọ wò fínnífínní, nítorí òun ló ṣòro jù láti kọ.

Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ẹni tí ń ka lẹ́tà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù sábà máa ń ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba èsì ìdánwò, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ti ẹgbẹ́ ìlú yàtọ̀. Owó tí ẹgbẹ́ ń ná lórí ọmọ kan lè wá láti inú owó oṣooṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, láti ọwọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Àṣà náà ti pẹ́ láàrin wa. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1945, tí wọ́n sì wá ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1948, ríran àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí ilé ìwé gíga wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá dá owó báyìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́jọ́ ìpàdé gbogbogbòò pé, “Ọmọ tí a rán lọ sí yunifásítì ńkọ́? Ibo ló bá ẹ̀kọ́ náà dé?” Alága ìgbìmọ̀ kò bá ọmọ náà wọ kíláàsì. Ohun tó bá wà nínú lẹ́tà ni yóò fi dá ẹni náà lóhùn.

Nítorí náà, kì í ṣe alága nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé sí. Ó ń kọ̀wé sí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tí yóò jókòó gbọ́ lẹ́tà náà nígbà tí akọ̀wé bá ń kà á sókè. Èmi a máa gba àwọn ọmọ wa nímọ̀ràn pé, bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìlú ló ń rán wọn níwèé, kí wọ́n kọ lẹ́tà náà ní Yorùbá, kí wọ́n wá fi èsì ìdánwò tí ilé ìwé tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì há a lẹ́yìn. Ẹni tó dá owó tí kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìdúpẹ́ ni apá tí kì í nira fún ọmọ Yorùbá. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èyí ló ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kún fún àdúrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ó ṣe àmín, a ó ṣe àmín, nígbà tí a bá sì kà á tán, a kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà yege tàbí kò yege. Àdúrà dára, àwọn àgbà sì ń fẹ́ ẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni ààyè rẹ̀, pẹ̀lú ìkíni, ní ìpínrọ̀ kan. Bí òbí bá fẹ́ mú ọmọ lọ dúpẹ́ lójúkojú nílé alága, kí wọ́n lọ. Ó bójú mu, ó sì ń mú inú àwọn àgbà dùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí a sọ ní pálọ̀ kò ṣeé fi sínú fáìlì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọbìnrin kan wọ yunifásítì ìjọba láti kọ́ báyòkẹ́mísírì. Ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ fún un ní 300,000 náírà fún ọdún kìíní. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ó fọwọ́ sí pé àròpọ̀ èsì rẹ̀, èyí tí ilé ìwé ń kọ ní CGPA, kò gbọdọ̀ kéré sí 3.50. Ìdí tí iye yìí fi wọ́pọ̀ nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì wa tó ń ṣírò èsì lórí 5.00, 3.50 ni ibi tí dìgírì onípò kejì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ti onípò kìíní bẹ̀rẹ̀ láti 4.50.

Fún àwọn òbí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, kò le rárá. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀, gíréèdì kọ̀ọ̀kan sì ní póìntì tirẹ̀: A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F kò ní nǹkan kan. Bí kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà bá jẹ́ yúníìtì 3, tí ọmọ sì gba C nínú rẹ̀, a ó fi 3 sọ 3 di púpọ̀, yóò jẹ́ póìntì 9. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kọ́ọ̀sì, a ó ro póìntì pọ̀, a ó fi àpapọ̀ yúníìtì pín in. Ó tán.

Ọmọbìnrin yìí ṣe yúníìtì 16 ní sáà kìíní, ó sì kó póìntì 49 jọ. Bí a bá fi 16 pín 49, 3.06 ni. Ní sáà kejì, yúníìtì 16 náà ló ṣe, ó kó póìntì 61 jọ, èyí tó jẹ́ 3.81. Àpapọ̀ sáà méjèèjì jẹ́ póìntì 110 lórí yúníìtì 32. Èsì ọdún kìíní rẹ̀ wá di 3.44. Ó fi díẹ̀ kéré sí ohun tí ó fọwọ́ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn kò ní kọ lẹ́tà mọ́, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n sì sọ pé “èsì mi dára, àmọ́ mo ṣì ń tẹ̀ síwájú.” Ìgbìmọ̀ yóò rí 3.44 náà bópẹ́ bóyá, nítorí wọn yóò béèrè fún èsì tí ilé ìwé tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí i lẹ́yìn irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní bínú sí 3.44 tó bí wọ́n ṣe máa bínú sí lẹ́tà. Bí ọmọ náà bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kejì, kò sí ẹni tí yóò tú u fó.

Lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́, ohun tó kàn ni ìdí. “Kọ́ọ̀sì náà le” kì í ṣe ìdí, nítorí àwọn ẹlòmíràn ṣe é, wọ́n sì yege. “Àìsàn” náà kò tó bí kò bá sí ìwé ilé ìwòsàn. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ohun tó fa èsì náà sílẹ̀ ni kọ́ọ̀sì físíìsì kan ní sáà kìíní, èyí tó jẹ́ yúníìtì 2. F ló gbà nínú rẹ̀. Kí ló dé? Orúkọ rẹ̀ kò jáde lára àwọn tí ilé ìwé kọ́kọ́ gbà. Àwọn tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn ló bọ́ sí. Nígbà tí ó fi dé ilé ìwé, tó sanwó, tó forúkọ sílẹ̀, àwọn yòókù ti ṣe tẹ́ẹ̀sì físíìsì, olùkọ́ kò sì tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ẹ̀sì náà gba máàkì 30 nínú 100. Ìdánwò àṣekágbá gba 70 tó kù. Ó gba 36 nínú 70 yẹn, èyí tó ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní máàkì kankan nínú tẹ́ẹ̀sì, 36 náà ló wà nínú ìwé èsì rẹ̀, ohun tó bá sì ti kéré sí 40, F ni. Ká ní ó ṣe tẹ́ẹ̀sì náà, tó gba ìdajì rẹ̀ péré, 15, àpapọ̀ rẹ̀ ì bá jẹ́ 51, èyí tó jẹ́ C.

Ẹ wò ó bí kọ́ọ̀sì kékeré kan ṣe lè gbé ọmọ rékọjá tàbí kí ó dá a dúró. C nínú físíìsì yóò fún un ní póìntì 6 sí i. 110 yóò di 116, èsì ọdún náà yóò sì di 3.63. Kódà bí ó bá jẹ́ D ló gbà, 3.56 ni ì bá ní, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Ìgbìmọ̀ tó bá rí ìṣirò yìí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ tí kò lè ṣe iṣẹ́ yunifásítì ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Wọn yóò tún rí i pé sáà kejì rẹ̀, 3.81, kọjá ohun tí àwọn béèrè.

Gbogbo èyí ní ẹ̀rí tó ṣeé rí. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára lẹ́tà ìgbaniwọlé. Ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ wà lára ìwé tó tẹ̀ jáde láti ojú òpó ilé ìwé. Bí ó bá lọ bá olùdámọ̀ràn kíláàsì rẹ̀, ó lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìlà méjì pé lóòótọ́ ni tẹ́ẹ̀sì ti kọjá kí ọmọ náà tó dé. Irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ìpínrọ̀ mẹ́ta ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ó kù kí ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, òǹkà ló sì yẹ kí ó fi sọ ọ́. Ká ní yúníìtì 34 ni ọdún kejì, tí ó sì ní láti tún físíìsì yúníìtì 2 náà ṣe. Ó di 36. Ní àwọn ilé ìwé kan, F àkọ́kọ́ yóò ṣì wà nínú ìṣirò bí ọmọ tilẹ̀ tún kọ́ọ̀sì náà ṣe tó sì yege. Ní àwọn ibòmíràn, èsì tuntun ló máa ń rọ́pò rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè èyí tí ilé ìwé tirẹ̀ ń lò kí ó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí F náà bá máa wà níbẹ̀, yúníìtì rẹ̀ ní òpin ọdún kejì yóò jẹ́ 68. Kí àròpọ̀ èsì rẹ̀ tó lè jẹ́ 3.50, ó gbọ́dọ̀ ní póìntì 238. Ó ti ní 110. Ó ku 128 tí yóò kó jọ láti inú yúníìtì 36, èyí tó túmọ̀ sí pé 3.56 ni ó nílò lọ́dún kejì. Ọmọ tó ti ṣe 3.81 ní sáà tó kọjá ló ń sọ pé òun yóò ṣe 3.56. Àwọn àgbà yóò wo ara wọn lójú, wọn yóò gbà pé ó ṣeé ṣe.

Báyìí ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe lè lọ:

“Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó wa. Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fún ní owó láti lọ kọ́ báyòkẹ́mísírì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá sí owó náà, àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí n kò mọ̀. Ibi tí ẹ ti mú un, Ọlọ́run yóò fi kún un. Owó yín ni mo fi san owó ilé ìwé lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ká ní kò sí i ni, n kò bá ti pàdánù ààyè mi.

Mo ti parí ọdún kìíní, mo sì ti wọ ọdún kejì. Àròpọ̀ èsì mi jẹ́ 3.44. Kò tó 3.50 tí mo fọwọ́ sí. Sáà kìíní ni mo ti ṣubú, mo gba 3.06. Ní sáà kejì mo gba 3.81. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni n kò yege nínú rẹ̀, ìyẹn físíìsì, nítorí wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kí n tó forúkọ sílẹ̀. Lẹ́tà ìgbaniwọlé mi, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mi àti ìwé láti ọwọ́ olùdámọ̀ràn wa wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

Lọ́dún tó ń bọ̀, n ó tún físíìsì náà ṣe ní sáà kìíní. Bí mo bá gba 3.56 nínú gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún náà, àròpọ̀ mi yóò padà sí 3.50. Mo ti kọ ìṣirò rẹ̀ sí ojú ewé kejì. Àwa mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ yanjú àwọn ìbéèrè físíìsì àtijọ́ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Bí èsì sáà kìíní bá ti jáde, n ó fi ránṣẹ́ sí yín láìdúró de òpin ọdún.”

Ẹ kíyè sí ìpínrọ̀ ìdúpẹ́ yẹn. Ó sọ ohun kan pàtó tí owó náà ṣe. Ìyá eléèlùbọ́ tí mo mẹ́nu bà lè gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn lọ sílé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Àwọn ìdúpẹ́ tí n kò lè gbàgbé nínú èyí tí mo ti kà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí: ọjọ́ kan, ohun kan, ibi tí owó náà ti gba ọmọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èsì, ó kan owó. Èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ọmọbìnrin wa sọ pé 187,000 náírà lọ sí owó ilé ìwé, owó ìgbààyè àti bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, rìsíìtì rẹ̀ nìyí. 14,500 lọ sí aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ nínú láàbù àti ìwé iṣẹ́ láàbù. 38,000 lọ sí ìwé kíkà àti háńdáòtù, 24,000 sí owó ọkọ̀, 36,500 sí oúnjẹ. Ó pé 300,000. Kò sí oníkorópe tó ń kọ rìsíìtì, ẹni tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sì ní kọ ọ́. Kí ọmọ sọ gbangba pé kò sí rìsíìtì fún ìwọ̀nyí. Ohun tó ń fa ìfura lọ́dọ̀ wa ni rìsíìtì tí ọwọ́ kan náà kọ fún oúnjẹ, fún ọkọ̀ àti fún ìwé. Bí apá kan nínú owó bá lọ sí ohun tí a kò torí rẹ̀ fi í sílẹ̀, bíi ríra oògùn fún ìyá ẹni, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ní ojú àánú yóò gbọ́ ọ.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ owó láti ọdún 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Owó ilé ìwé tí wọ́n yá ọmọ, inú àpò ilé ìwé ni wọ́n ń san án sí tààrà. Ọmọ tó gba ẹ̀yáwó náà, tí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ sì ti sanwó ilé ìwé fún un, owó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì fún ohun kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígba ẹ̀yáwó, nítorí ọmọ náà ni yóò san án padà lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ kí ó sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níbòmíràn, kí ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó tó lé: bóyá ilé ìwé dá a padà, bóyá wọ́n ṣì mú un dání, tàbí bóyá ó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ti ọdún kejì.

Ìgbà wo ló yẹ kí lẹ́tà náà dé? Àwọn tó wà nílùú máa ń rò pé ọdún kìíní jẹ́ oṣù méjìlá. Ní yunifásítì ìjọba, kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ọmọ tó wà ní ọdún kìíní nígbà náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń rán an níwèé ti ń béèrè ìgbà tí yóò wọ ọdún kejì. Kódà nígbà tí kò bá sí ìdaṣẹ́sílẹ̀, èsì sáà kejì lè má jáde títí ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ọdún kejì. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dúró de èsì tó pé. Kí ó béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó, kí ó fi èsì tó wà lọ́wọ́ ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé èyí tó kù kò tíì jáde. Bí ilé ìwé bá ti lẹ ìwé pé èsì yóò pẹ́, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí èsì tí wọ́n yí padà, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí. Èsì tí ọmọ tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì rọrùn láti yí, kí F di B. Àwọn tó ń ṣe é kì í sábà rántí pé ìṣirò inú rẹ̀ ní láti bá ara mu. Ìgbìmọ̀ tó bá mú bírò, tó fi yúníìtì sọ póìntì di púpọ̀, tó sì pín in, yóò rí i pé iye tó jáde kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Bí ó bá jẹ́ B ló wà níwájú físíìsì ọmọbìnrin wa, póìntì sáà kìíní yóò di 57, èsì yóò sì jẹ́ 3.56. Bí ìsàlẹ̀ ìwé bá ṣì ń kà 3.06, ọ̀rọ̀ ti tú. Ohun tí ìgbìmọ̀ wa ń ṣe nísinsìnyí ni pé a ń bẹ olórí ẹ̀ka kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu èsì náà, tàbí kí ọmọ ṣí ojú òpó ilé ìwé níwájú wa lórí fóònù rẹ̀. Owó ọmọ tó gba 3.44 tó sì sọ ọ́ lè dúró fún sáà kan kí ó tún jáde. Ti ẹni tó yí èsì padà kì í tún jáde mọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí lẹ́tà yìí gbé. Kò yẹ kí ọmọ tún sọ ìtàn òṣì ilé wọn fún wa. A ti gbọ́ ọ nígbà tó béèrè owó. Bí a bá ní kí ó máa tún un sọ lọ́dọọdún, a ń bọ́ ọ láṣọ ni. Mo kórìíra àṣà kí wọ́n máa ya fọ́tò ọmọ pẹ̀lú páálí ńlá tí wọ́n kọ iye owó sí, kí wọ́n sì máa gbé e káàkiri. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lo fọ́tò, kí wọ́n gba ẹnu ọmọ náà àti ti òbí rẹ̀, bí wọ́n bá sì ní àwọn kò fẹ́, kí ó má dí owó lọ́wọ́. Kò sì yẹ kí ìbéèrè fún owó mìíràn wà ní ìdí lẹ́tà. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, kí ó kọ lẹ́tà mìíràn fún ìyẹn, pẹ̀lú iye rẹ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń sanwó, tí kì í ṣe ẹgbẹ́, ìkìlọ̀ tèmi lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́tà kan náà ni, èsì kan náà ni, ìṣirò owó kan náà ni. Kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí olóore bá fẹ́ rí ọmọ, kí ó rí i lójú àwọn òbí rẹ̀. Olóore tó bá ń fẹ́ kí ọmọ wá dúpẹ́ òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì, ohun mìíràn ló ń wá, ọmọ náà kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ̀. Kí ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí èsì físíìsì tó tún ṣe bá wá jáde, ojú ewé kan péré ló kù láti kọ. Kí ó kọ gíréèdì tuntun náà, kí ó kọ àròpọ̀ èsì rẹ̀ tuntun sí i lábẹ́, kí ó sì tọ́ka sí ọjọ́ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ó fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí àwọn tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ àwọn tó jókòó lọ́dún yìí, fáìlì tí àwọn tó lọ bá sì fi sílẹ̀ ni àwọn tó wọlé yóò kà.